Áàpù Tó Kọ̀ Láti Wọ Fóònù Abibat

Ẹ̀yin èèyàn mi, fóònù Abibat kò bàjẹ́ o. Ó ń tàn, ó ń dún, iná rẹ̀ kì í tètè tán. Gbígbó tó gbó nìkan ni ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀. Raheemah ọmọ rẹ̀ ló rà á fún un kó tó lọ ṣe ọmọ ọ̀dọ̀ ní Oman. Orí áàpù kan ṣoṣo ni ìyá àtọmọ ti ń gbúròó ara wọn, torí wáífáì ilé ọ̀gá nìkan ni Raheemah ní.

Ọ̀sẹ̀ tí wọ́n sin bàbá rẹ̀ l'Ókè-Àgbò, ọmọ náà pè pẹ̀lú ẹkún. "Màmi, wọ́n fẹ́ gbé mi lọ sílé mìíràn, wọ́n á sì gba síìmù yìí. Màá fi nọ́mbà tuntun àti ibi tí mo wà ránṣẹ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má pa fóònù yín."

Ọjọ́ kejì, áàpù ní òun ti gbó, kí wọ́n lọ gba tuntun. Hidayah, ọmọ àbúrò ọkọ rẹ̀, yọ èyí tó wà níbẹ̀ kúrò kó lè tún un gbà. Yíyọ rọrùn! Gbígbà ló di wàhálà: ibi tí wọ́n ti ń gba áàpù ní kò bá fóònù yìí mu. Ó pa á, ó tàn án, ó nu àwòrán kúrò kó lè láyè. Pàbó ló já sí.

"Ìyá, ẹ jẹ́ n gbé e lọ fún atúnfóònùṣe ní Àgọ́-Ìwòyè."

"Kò sóhun tó jọ ọ́! Bí ọmọ mi bá pè ńkọ́?"

"Ẹ jẹ́ ká jọ lọ nígbà náà."

"Èmi tí mo wà nínú ìddà ọkọ mi? Ṣé kí n máa rìn gbéregbère láàárín ìgboro ni?"

Bẹ́ẹ̀ ni Abibat ṣe jókòó ti fóònù náà títí oṣù mẹ́rin àti ọjọ́ mẹ́wàá opó fi pé. Kò gbé e sílẹ̀ àfi tó bá fẹ́ kírun. Ta ni yóò bá a wí? Ìfẹ́ ọmọ ló ń ṣe é.

Ọjọ́ tó jáde ilé lòun àti Hidayah gba Àgọ́-Ìwòyè lọ. Jedidiah atúnfóònùṣe wá áàpù náà láti ibòmíràn, fóònù ò gbà á. Ló bá yọ síìmù, ó fi í sínú fóònù Hidayah. Kóòdù wọlé, áàpù ṣí.

"Alihamudulilai! Raheemah mi dà?"

Kò sí nǹkan kan níbẹ̀. Hidayah kọ̀wé sí nọ́mbà àtijọ́, kò dé ọ̀dọ̀ ẹnikẹ́ni.

"Màmá, ìgbà wo lẹ ti lò ó kẹ́yìn?" Jedidiah bèèrè.

"Ìgbà tí ọkọ mi kú."

Ọmọkùnrin náà ò lè wojú rẹ̀. "Iṣẹ́ tí a bá rán, tí kò bá rẹ́ni gbà á, àwọn tó ni áàpù kì í tọ́jú rẹ̀ ju oṣù kan lọ. Wọ́n á pa á rẹ́ ni. Ká ní ẹ ti fi síìmù yìí sínú fóònù mìíràn nígbà náà ni…"

"Yéè! Mo gbé! Inú fóònù yìí ni mo rò pé yóò bá mi!" Abibat di apá rẹ̀ mú. "Ọmọ mi, bá mi bẹ̀ wọ́n. Kí wọ́n kàn sọ fún mi bóyá ó tiẹ̀ fi ránṣẹ́."

"Màmá, àwọn gan-an ò mọ̀ mọ́."