Aago Amẹ́ríkà Tó Wà Lára Ògiri

Ẹni tó bá wọ ṣọ́ọ̀bù alágbẹ̀dẹ wúrà yìí, aago mẹ́rin ni yóò kọ́kọ́ rí lára ògiri kó tó rí wúrà kankan: ti ìlú tiwọn, ti Ṣáínà, ti Lọ́ńdọ̀nù àti ti Amẹ́ríkà. Ọ̀gá Aago ni gbogbo oníbàárà ń pe alágbẹ̀dẹ náà, ó sì ń jẹ́ ẹ tayọ̀tayọ̀. Ní báyìí, ọ̀gá òmùgọ̀ ló ń pe ara rẹ̀, ẹ ó sì gbọ́ ìdí rẹ̀.

Ní ọdún méjìlá sẹ́yìn tí iṣẹ́ dá wáí, ó yọ́ ẹ̀gbà ọwọ́ ìyàwó rẹ̀, ogún gíráàmù géérégé, ó tà á, ó fi san owó ṣọ́ọ̀bù. Ìyàwó ò sọ nǹkan kan. Ìyẹn gan-an ló ń dun ọkùnrin náà. Ó búra pé ogún gíráàmù lòun yóò dá padà, kò ní dín bín-ín-tín. Ó ń tọ́jú owó díẹ̀díẹ̀, nígbà tó sì di ọjọ́rú kan, owó náà pé.

"Ẹ pe alágbàtà wúrà yín nísinsìnyí," ni ìyàwó wí láàárọ̀, bó ṣe ń nu gíláàsì orí káńtà.

"Nísinsìnyí kẹ̀? Aago mẹ́jọ àárọ̀?" Ọ̀gá Aago dìde, ó nawọ́ sí ògiri. "Wò ó, ìyàwó mi. Ṣáínà ti ń parí ọjà, Lọ́ńdọ̀nù ò tíì wọlé. Àwọn tó ń rà àti àwọn tó ń tà ò pọ̀, alágbàtà ń bẹ̀rù, yóò fi nǹkan gidi lé iye tó fẹ́ tà á. Tó bá di aago méjì ọ̀sán, Lọ́ńdọ̀nù ṣì wà lórí ìjókòó, Amẹ́ríkà ti ń wọlé bá wọn. Ọjà kún fọ́fọ́ nígbà yẹn, ohun tí alágbàtà ń fi lé e á kéré."

"Ṣebí ẹ ní ìròyìn Amẹ́ríkà máa ń gbé iye wúrà fò?"

"Aago méjì ààbọ̀ nìyẹn! Ìgbà yẹn ni wọ́n máa ń kéde bí ọjà ṣe wọ́n tó lọ́dọ̀ wọn. Màá ti rà á tán."

"Ẹ kú ọgbọ́n o," ni obìnrin náà wí, ó sì ń nu gíláàsì rẹ̀ lọ.

Ọkùnrin wa ti fóònù mọ́ inú dúrọ́ọ̀, kó má baà máa yọjú wo iye wúrà. Ó ń jó òrùka oníbàárà kan pọ̀, ó ń súfèé. Nígbà tó di aago méjì gééré, ó pe alágbàtà, ó gbé ohùn sókè kí ìyàwó lè gbọ́. Alágbàtà dá iye fún un. Súfèé gbẹ lẹ́nu rẹ̀.

"Iye wo lo dá yẹn? Ìròyìn ò tíì jáde!"

"Ọ̀gá, ó ti jáde láti aago kan ààbọ̀. Ọjà wọn ò wọ́n tó bí wọ́n ṣe rò, dọ́là bá wálẹ̀, wúrà bá fò sókè. Ṣé ẹ ò mọ̀ pé Amẹ́ríkà ti sún aago wọn síwájú ní wákàtí kan ní ọjọ́ Àìkú, bí wọ́n ṣe ń ṣe lọ́dọọdún, tí ìròyìn wọn fi ń tètè dé ọ̀dọ̀ wa ni? Lọ́ńdọ̀nù ò tíì sún tiwọn. Gbogbo ẹni tó ń tà ló fà sẹ́yìn, ìdí nìyẹn tí mo ṣe fi kún tèmi náà."

Ọ̀gá Aago wo ògiri. Aago Amẹ́ríkà ń lọ wọ́ọ́rọ́wọ́, ó fi wákàtí kan gbáko pẹ́. Áà! Òun tó fẹ́ fi ọgbọ́n na gbogbo ayé, kò mọ̀ pé wọ́n ń sún aago! Ó bẹ̀rù pé iye náà lè tún gòkè, ló bá rà á. Owó rẹ̀ ò ká ju gíráàmù mọ́kàndínlógún ààbọ̀ lọ. Ojú tì í débi pé kò lè jẹun ọ̀sán.

Ọjọ́ kẹta ló fi ẹ̀gbà tuntun tó rọ sórí òṣùwọ̀n níwájú ìyàwó rẹ̀: ogún gíráàmù, kò lé, kò dín. Obìnrin náà na ọwọ́. Bí ọkọ ṣe ń de ẹ̀gbà náà mọ́ ọn lọ́wọ́, òrùka ìgbéyàwó ọkọ fúnra rẹ̀ yọ̀ bọ́ lójijì, ó yí gbirigbiri lọ sábẹ́ káńtà.

Ìyàwó bẹ̀rẹ̀, ó mú un. Ó ti fẹ́lẹ́, wọ́n ti ha inú rẹ̀ dáadáa.

"Kí ló ṣe òrùka yín?"

"Amẹ́ríkà jẹ díẹ̀ níbẹ̀," ni ọkọ wí. "Ààbọ̀ gíráàmù. Òmùgọ̀ lo fẹ́, ìyàwó mi, má bínú."

Obìnrin náà rẹ́rìn-ín, ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀, kì í sì í ṣe ẹ̀rín nìkan mọ́. "Ọdún méjìlá," ló wí. "Mo ti gbà pé ẹ ti gbàgbé."

Ó fi òwú wé inú òrùka náà kó lè dúró, ó fi í sí ọkọ rẹ̀ lọ́wọ́ padà. Lẹ́yìn náà ó gun àpótí, ó sún aago Amẹ́ríkà síwájú ní wákàtí kan, ẹ̀gbà ọwọ́ rẹ̀ sì ń dún mọ́ ògiri bó ṣe ń ṣe é.