Páálí Mẹ́fà Tí Kò Sí Rí

Ohun tí wọ́n kọ́kọ́ sọ ni pé Téèpù ti ta páálí mẹ́fà nínú oògùn ìyá rẹ̀, ó sì ti fi ra ẹ̀rọ ìránṣọ kan tó máa ń dá ránṣọ nígbà tí ẹni tó ni ín bá ń sùn. Kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó ṣú, ẹ̀rọ náà ti di méjì. Wọ́n ní ó ti ìwọ̀nba oògùn tó kù mọ́ inú dúrọ́ọ̀, kọ́kọ́rọ́ sì wà lọ́rùn rẹ̀. Pé ọjọ́ Mọ́ńdè nìkan ni ìyá arúgbó náà máa ń fojú kàn án. Ọkùnrin tó ń tún fóònù ṣe ní ìdí òpó iná tilẹ̀ búra pé òun rí ìyá náà lójú fèrèsé, tó ń juwọ́ pé kí wọ́n gba òun. Ògiri ilé kejì ni fèrèsé yẹn kọjú sí. Àfi tí ọkùnrin náà bá ń gbé inú ògiri.

Èyí tó dunni níbẹ̀ ni pé ìdajì ọ̀rọ̀ náà jóòótọ́.

Téèpù kì í ránṣọ. Ó ń gé e ni, ní ṣọ́ọ̀bù kan tí wọ́n ti ń ṣe aṣọ ilé-ìwé. Ó ti lé ní ogún ọdún tí téèpù ìwọnṣọ ti wà lọ́rùn rẹ̀, débi pé àwọn aránṣọ ṣọ́ọ̀bù náà ní bó ṣe wáyé nìyẹn, pé òun ló kọ́kọ́ wọn agbẹ̀bí wò kó tó ké. Tí aránṣọ bá ṣàṣìṣe, á tú u. Tí agéṣọ bá ṣàṣìṣe, aṣọ ti lọ. Nítorí náà, kò sí ohun tí obìnrin yìí kì í wọ̀n lẹ́ẹ̀mejì, títí kan iyọ̀.

Òun ni ìyá wọn ń gbé lọ́dọ̀. Oríkèé ìyá náà ń wú, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ń ru, ó sì ní ìtọ̀ ṣúgà. Ilé ìwòsàn tí wọ́n ń lọ ti jáwọ́ nínú kíkọ oògùn sórí ìwé. Inú áàpù ni wọ́n ń kó gbogbo rẹ̀ sí, oògùn kọ̀ọ̀kan sójú ewé tirẹ̀. Ìwé pélébé tí wọ́n lẹ̀ mọ́ páálí kò sọ ju “Ẹ lò ó bó ṣe wà nínú áàpù.” Tí èèyàn bá ní oògùn márùn-ún, á ṣí ewé márùn-ún, á pa èyí dé kó tó rí tọ̀hún, tí yóò bá sì fi dé ìkarùn-ún, á ti gbàgbé èkíní.

Ohun tí Téèpù ṣe ni pé ó ya fọ́tò ojú fóònù fún ewé kọ̀ọ̀kan. Kò gba fọ́tò kankan gbọ́ àfi tó bá rí ìlà dúdú tó máa ń wà nísàlẹ̀ pátápátá, èyí tó fi hàn pé ewé ti parí. Ó wá gé bébà tí wọ́n fi ń ya aṣọ, ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri, ó sì fa ìlà méje sí i, ìlà kan fún ọjọ́ kan. Ìlà kọ̀ọ̀kan gùn ní ínǹṣì mẹ́rìnlélógún: ínǹṣì kan, wákàtí kan. Ó fi ṣọ́ọ̀kì ìgéṣọ sàmì sí i. Ní aago méje àárọ̀, oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru, hóró kan. Pẹ̀lú oúnjẹ àárọ̀, oògùn ṣúgà, hóró méjì. Pẹ̀lú oúnjẹ alẹ́, méjì mìíràn. Lọ́sàn-án, hóró kékeré tó ń dáàbò bo ara lọ́wọ́ oògùn oríkèé, kan lójúmọ́, àmọ́ kì í ṣe ní Mọ́ńdè. Oògùn oríkèé fúnra rẹ̀, hóró mẹ́rin lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo lọ́sẹ̀, ní Mọ́ńdè. Ìkarùn-ún jẹ́ ti ìrora, tí wọ́n ní kí wọ́n lò kìkì nígbà tó bá yẹ. Ìyẹn, ó kọ ọ́ sí ìsàlẹ̀ lọ́tọ̀, kò kà á mọ́ ọn, torí ìrora kì í sọ ọjọ́ tó ń bọ̀.

Ó wá ṣírò rẹ̀. Ó kà á ní ìbú: Mọ́ńdè jẹ́ hóró mẹ́sàn-án, ọjọ́ mẹ́fà tó kù jẹ́ mẹ́fà mẹ́fà, àpapọ̀ márùndínláàádọ́ta. Ó kà á ní òòró: méje ti ẹ̀jẹ̀ ríru, méjìdínlọ́gbọ̀n ti ṣúgà, mẹ́fà ti hóró kékeré, mẹ́rin ti oríkèé. Márùndínláàádọ́ta náà ni. Ó wo páálí oògùn oríkèé: hóró mẹ́rìndínlógún, fún ọ̀sẹ̀ mẹ́rin. Mẹ́rin lọ́nà mẹ́rin. Ó bá a mu gééré, bí apá ọ̀tún ṣe ń bá apá òsì mu lára ẹ̀wù.

Apoògùn ilé ìwòsàn ti kìlọ̀ fún un pé kó má kó ti oríkèé pọ̀ mọ́ ìyókù, torí tí ẹnikẹ́ni bá fi ṣe oògùn ojoojúmọ́, ewu ńlá ni. Ìdí tó fi tì í mọ́ dúrọ́ọ̀ nìyẹn.

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin dé ní ọjọ́ Túsìdè ọ̀sẹ̀ kejì, òun àti ìyàwó rẹ̀. Ọ̀gá Fáìlì ni wọ́n ń pè é. Ọgbọ̀n ọdún ló fi jẹ́ ọ̀gá níbi tí wọ́n ti ń tọ́jú ìwé ọ́fíìsì, ó sì gbà pé ayé ìbá ti bàjẹ́ tán ká ní òun kò máa lu òǹtẹ̀ sí i. Áàpù náà wà lórí fóònù tirẹ̀ náà. Ojú rẹ̀ ti ń ṣú, ó kọ̀ láti wọ awò ojú, ó wá mú kí lẹ́tà fóònù náà tóbi bíi ti pátákó ojú títì. Òun náà ya fọ́tò márùn-ún, ó tẹ ohun tó wà nínú wọn sójú ìwé kan lórí kọ̀ǹpútà, ó fi àwọ̀ mẹ́rin kùn ún, ó sì lọ fi ọ̀rá bò ó kí omi má bàa wọ̀ ọ́.

“Kí lèyí?” Ó na ìka sí bébà ara ògiri.

“Oògùn Màámi ni, Bọ̀ọ̀dá. Ìlà kan, ọjọ́ kan.”

“Ìyá mi kì í ṣe ṣòkòtò.” Ó gbé tirẹ̀ lé orí tábìlì. “Ṣí dúrọ́ọ̀ yẹn.”

Téèpù ṣí i. Páálí kan ló wà ńbẹ̀, hóró mẹ́jọ ló kù nínú rẹ̀.

“Oògùn oríkèé, mẹ́rin lójúmọ́,” Ọ̀gá Fáìlì kà á. “Méjìdínlọ́gbọ̀n lọ́sẹ̀. Méjìléláàádọ́fà fún ọ̀sẹ̀ mẹ́rin. Páálí kan jẹ́ mẹ́rìndínlógún. Páálí méje nìyẹn. Mo rí ẹyọ kan. Mẹ́fà dà?”

“Ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀ ni wọ́n ń lò ó, Bọ̀ọ̀dá. Ẹyọ kan ni wọ́n fún wa.”

“Oògùn wo ni wọ́n ń lò lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀? Ṣé mọ́tò la fẹ́ fọ̀ ni?”

Ó ṣí fọ́tò tirẹ̀ hàn án. Hóró mẹ́rin wà níbẹ̀ gàdàgbà-gadagba. Ìlà tó wí pé ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀, ọjọ́ Mọ́ńdè, kò sí níbẹ̀. Lẹ́tà ńláńlá náà ti tì í kọjá ìsàlẹ̀ ojú fóònù, kò sì sí ìlà dúdú níparí. Torí pé ìyókù jẹ́ ti ojoojúmọ́, ó fi “lójúmọ́” kún un fúnra rẹ̀. Téèpù mú fóònù tirẹ̀ jáde kó fi odindi ewé náà hàn án.

“Ẹ má bínú o, Àǹtí,” ìyàwó ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wí jẹ́jẹ́, “àmọ́ fóònù ayé ìsinsìnyí, ohun tí èèyàn bá ní kó sọ náà ló máa ń sọ.”

Láti orí ibùsùn, ìyá wọn dá sí i. “Mọ́ńdè ni mo máa ń lò ó.”

“Màámi, ẹ ò mọ ọjọ́ tí a wà.”

“Túsìdè ni,” ìyá náà wí.

Túsìdè ni lóòótọ́. Wọ́n di ẹrù rẹ̀, wọ́n mú páálí náà, wọ́n mú ìyá wọn lọ sílé Ọ̀gá Fáìlì. Ìyàwó Ọ̀gá Fáìlì ò tíì dé òpin àdúgbò tí páálí mẹ́fà fi dé ẹnu ẹni mẹ́fà.

Ní Wẹ́sìdè, ìyá wọn lo mẹ́rin. Ní Tọ́sìdè, ó lo mẹ́rin, páálí sì ṣófo. Ní Fúráìdè, Ọ̀gá Fáìlì gbé ìwé ọlọ́ràá rẹ̀ lọ sí ilé ìwòsàn láti fi ẹjọ́ sùn pé oògùn kò tó. Apoògùn wo ìwé náà, ó wò ó títí, ó sì bi í léèrè, ohùn rẹ̀ ti sọ̀ kalẹ̀:

“Ta ló ṣe èyí?”

“Èmi ni,” Ọ̀gá Fáìlì dáhùn, ó ń retí oríyìn.

“Mẹ́rin ní Mọ́ńdè, mẹ́rin ní Wẹ́sìdè, mẹ́rin lánàá. Ẹ ti fún wọn ní oògùn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta láàárín ọjọ́ mẹ́rin. Níbo ni màmá wà báyìí?”

Ìgbà ìkẹyìn tó fi ẹnu ara rẹ̀ sọ pé òun lòun ṣe é nìyẹn.

Wọ́n dá ìyá wọn dúró sílé ìwòsàn lọ́jọ́ náà gan-an. Abẹ́rẹ́ wà tó ń gba ara lọ́wọ́ oògùn yẹn, wọ́n ń fún un. Àràárọ̀ ni wọ́n ń fa ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ láti yẹ̀ ẹ́ wò. Nígbà tó fi máa di Sọ́ńdè, egbò ti kún ẹnu rẹ̀, omi ò ṣeé gbé mì. Dókítà ní àwọn ò tíì lè sọ ibi tí yóò já sí. Ìyàwó Ọ̀gá Fáìlì ní tirẹ̀ ti sọ ibi tó ti ṣẹ̀: ó sọ fún nọ́ọ̀sì pé ọmọ wọn obìnrin, tó ń ṣe iṣẹ́ aṣọ, ló ń ṣètò oògùn. Nọ́ọ̀sì kọ ọ́ sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, torí òótọ́ ni, bíi ti dúrọ́ọ̀, bíi ti Mọ́ńdè.

Téèpù dé ní ọ̀sán Sọ́ńdè, bébà ká roboto lábẹ́ apá rẹ̀. Ó dúró ti ìyá rẹ̀ díẹ̀. Ìyá náà ò lè sọ̀rọ̀. Ó gbá téèpù ọrùn ọmọ rẹ̀ mú, ó sì jọ̀ ọ́ sílẹ̀. Téèpù kọjá sí tábìlì nọ́ọ̀sì, ó tẹ́ bébà náà lé orí gbogbo ohun tó wà níbẹ̀, títí kan tíì.

“Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ṣí fáìlì ìyá mi.”

“Ọmọ ìyá kan ni wá,” Ọ̀gá Fáìlì wí lẹ́yìn rẹ̀. Ó ti wọ awò lónìí. “Ká má tú ara wa síta.”

“Ìta ni mo wà láti Túsìdè, Bọ̀ọ̀dá.” Ó kọjú sí nọ́ọ̀sì. “Wọ́n ní mo ti oògùn mọ́lé. Òótọ́ ni, kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ nìyí. Wọ́n ní Mọ́ńdè nìkan ni mò ń fún wọn. Òótọ́ ni, ẹ wo ìlà kìíní. Wọ́n ní mo ta páálí mẹ́fà. Kò sí páálí mẹ́fà kankan rí. Ẹyọ kan ni ẹ fún wa, ìwé yín á sọ bẹ́ẹ̀. Ìwé tí wọ́n fi fún wọn ní hóró mẹ́jọ yẹn, ẹ̀gbọ́n mi ló ṣe é.”

Nọ́ọ̀sì fa ìlà gba inú ohun tó ti kọ tẹ́lẹ̀, ó ń kọ òmíràn. Ó kọ ọ́ tán, ó fẹ́ pa fáìlì dé.

“Ó kù,” Téèpù wí. “Nọ́ńbà apoògùn wà nínú fóònù mi. Mi ò pè é. Bébà yìí wà lára ògiri, mo rí i pé wọn ò mú un lọ, mi ò sì ká a lé wọn lọ́wọ́. Mo fẹ́ kí ẹ̀gbọ́n mi padà wá bẹ̀ mí ni.”

Nọ́ọ̀sì gbójú sókè. “Ọjọ́ mélòó lẹ fi dákẹ́?”

“Túsìdè, Wẹ́sìdè, Tọ́sìdè.” Ó kà á lórí ìka, ó tún un kà. “Ẹ kọ mẹ́ta.”