Munirat Tó Lọ Lẹ́ẹ̀mẹta

Gbogbo ẹni tó bá mọ Munirat Kareem ní Thamesmead ló mọ̀ pé obìnrin náà fẹ́ràn kí ó máa ka nǹkan. Ó ń ka àtẹ̀gùn ilé, ó ń ka ibi tí bọ́ọ̀sì ti dúró, bí o bá sì ń bá a sọ̀rọ̀, ó ṣeé ṣe kó ti máa ka iye ìgbà tí o tún ọ̀rọ̀ kan náà sọ. Ọdún méjìlá ló fi kọ́ àwọn ọmọ ní ìṣirò ní Ìjẹ̀bú-Òde. Ọkọ rẹ̀ tó wá kàwé gboyè ọ̀mọ̀wé ló bá dé London, kò sì sí ẹni tó bi í léèrè nípa ìṣirò mọ́. Páálí ló ń dì ní ilé ìkẹ́rùsí Auntie Fọlákẹ́ ní Nathan Way: gàrí, ẹ̀lùbọ́, ẹ̀wà olóyin, ata gígún àti panla.

Òwò Auntie Fọlákẹ́ kò le. Ẹni tó bá forúkọ sílẹ̀ lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, owó á máa kúrò ní báńkì rẹ̀ lóṣooṣù, páálí oúnjẹ á sì máa dé ẹnu ọ̀nà rẹ̀. Àwọn ará Woolwich máa ń wá gbé tiwọn fúnra wọn. Ti Thamesmead, Mùjídì ló ń fi fáànù, ọkọ̀ akẹ́rù tí Auntie háyà, gbé e kiri, ọkùnrin àádọ́ta ọdún tó ní ọmọ mẹ́ta ní Agége, tó sì mọ ilé oníkálukú ju àwọn onílé lọ.

Ní ọjọ́ Ajé kan nínú oṣù kẹfà, Auntie wọlé pẹ̀lú ìwé kan lọ́wọ́, ó pe Munirat síbi tábìlì.

"Mo gbọ́ pé o ti ṣe teacher rí. Wo nǹkan tí website yìí sọ fún mi. Àwọn ará Thamesmead, wọ́n á join, wọ́n á sá lọ. Fifty people ló wọlé ní January. By April, twenty ló kù. Mo fẹ́ kí ìwọ náà bá mi ṣe é dáadáa láti inú records. Tí wọn ò bá tó half ní oṣù kẹta, mo máa dá fáànù yẹn padà ní Friday."

"Uncle Mùjídì ńkọ́, ma?"

"Mùjídì máa wá iṣẹ́ míì. Mo fẹ́ràn rẹ̀, but I can't be feeding empty road."

Munirat bojú wo ìta. Fáànù náà wà níta, Mùjídì ń nu gíláàsì iwájú rẹ̀, ó ń kọrin jẹ́jẹ́ sí ara rẹ̀. Àánú rẹ̀ ṣe Munirat.

Ó gba gbogbo àkọsílẹ̀ sórí kọ̀mpútà: orúkọ, nọ́ńbà fóònù, káàdì tí wọ́n fi ń sanwó, àdírẹ́sì, ọjọ́ tí oníkálukú wọlé àti ọjọ́ tó jáde. Iṣẹ́ náà kò ju pé kó kó àwọn tó wọlé ní oṣù kan náà jọ sí ìlà kan, kó wá wo iye wọn tó ṣì ń sanwó ní oṣù kìíní lẹ́yìn tí wọ́n wọlé, ní oṣù kejì, ní oṣù kẹta. Iye tó kọ́kọ́ wọlé ni èèyàn á fi pín iye tó kù. Kò ní awo nínú. Ó ṣe ìlà ti oṣù kìíní ọdún, ó sì bá ogójì nínú ọgọ́rùn-ún pàdé, bí Auntie ṣe wí gan-an.

Àárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun ló rí orúkọ ara rẹ̀.

Kó tó di òṣìṣẹ́ níbẹ̀ ló ti jẹ́ oníbàárà, kò sì dá oúnjẹ náà dúró rí. Ṣùgbọ́n àkọsílẹ̀ sọ pé Munirat Kareem wọlé nígbà mẹ́rin, ó sì jáde nígbà mẹ́ta. Ó tún un kà, nítorí kíkà ni iṣẹ́ rẹ̀. Ìgbà mẹ́rin ni lóòótọ́, àdírẹ́sì mẹ́rin, fóònù kan, káàdì kan. Obìnrin tó ń jẹ gàrí rẹ̀ jẹ́jẹ́ láti ọdún tó kọjá ni ìwé sọ pé ó ti sá lọ lẹ́ẹ̀mẹta.

Ó jáde lọ bá Mùjídì.

"Uncle, nígbà tí mo kó kúrò ní room àkọ́kọ́ yẹn, kí lẹ ní kí n ṣe?"

"Mo ní kí o cancel, kí o register tuntun. Website yẹn ò ní ibi tí èèyàn ti lè change address. Bí mo ṣe ń sọ fún gbogbo wọn nìyẹn. Àwọn customer wa tó ń ṣe carer fún arúgbó yìí, oṣù méjì méjì ni landlord ń lé wọn. Ṣé ó burú ni?"

Kò burú. Ohun rere ni ọkùnrin náà ń ṣe. Òun náà ló sì ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbẹ́ kòtò síwájú fáànù rẹ̀. Munirat ṣàlàyé fún un. Mùjídì fi aṣọ ìnuǹkan sílẹ̀, ó jókòó sẹ́nu fáànù, kò sì kọrin mọ́.

Ọjọ́ méjì ni Munirat fi so àkọsílẹ̀ pọ̀. Ibi tí fóònù àti káàdì bá ti jẹ́ ọ̀kan náà, ó sọ ọ́ di èèyàn kan, ó sì dá a padà sí oṣù tó kọ́kọ́ wọlé. Orúkọ nìkan kò tó. Medinat méjì ló wà ní òpópónà kan náà, wọn kò sì bára wọn tan. Mùjídì bá a yẹ̀ ẹ́ wò, ṣùgbọ́n ó gbìyànjú àrékérekè díẹ̀.

"Àwọn tó dá a dúró, tí wọ́n lọ ṣe Iléyá nílé, kà wọ́n mọ́ ọn. Wọ́n máa padà wá."

"Tí wọ́n bá padà, màá kà wọ́n, sir. Wọn ò sanwó nínú oṣù yẹn."

Ní ọjọ́ Ẹtì, Auntie jókòó ti kọ̀mpútà. Mẹ́jọ nínú àádọ́ta tó wọlé ní oṣù kìíní jẹ́ oníbàárà àtijọ́ tó kàn kó ilé. Ó ku méjìlélógójì. Nínú wọn, ọgbọ̀n ló ṣì ń sanwó ní oṣù kẹta: mọ́kànléláàádọ́rin nínú ọgọ́rùn-ún. Auntie rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà ló rí ìlà kejì, ojú rẹ̀ sì yí padà.

"February. Forty people ló wọlé. Mo ti sọ fún wọn ní church."

"Mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ni, ma. Àwọn mẹ́rìnlá yòókù ti wà lọ́dọ̀ yín tẹ́lẹ̀."

Ó dun Auntie. Ọ̀pọ̀ oṣù ló ti fi ń yangàn pé èrò ń rọ́ wọlé, àṣé àwọn èèyàn rẹ̀ kan náà ló ń tún ẹnu ọ̀nà wọ̀. Ó na ìka sí ìlà oṣù kẹta ọdún, níbi tí àyè kan ti ṣófo.

"Èyí ńkọ́? Zero ni?"

"Rárá, ma. Oṣù kẹta tiwọn ni June tí a wà yìí, kò sì tíì parí. Tí mo bá fi òdo síbẹ̀, irọ́ ni mo pa mọ́ wọn."

 Auntie gbé fóònù, ó pe ẹni tó ń tọ́jú website, ó ní kó wá ibi tí èèyàn yóò ti máa yí àdírẹ́sì padà kó tó di ọ̀la. Ó tún yọjú síta.

"Mùjídì, máa wá síṣẹ́ ní Monday."

"Yes, ma," ni Mùjídì dáhùn, ó sì kọjú sí gíláàsì tó ti mọ́ tẹ́lẹ̀, ó ń nù ún.

Ní ọjọ́ Sátidé, onílé Munirat gba yàrá rẹ̀. Fáànù Mùjídì ló kó àpò mẹ́fà, matiráàsì kan àti ìkòkò lọ sí Abbey Wood, Mùjídì kò sì gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Níwájú ọkọ̀, Munirat ṣí fóònù rẹ̀, ó tẹ àdírẹ́sì karùn-ún síbi tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fi sórí website. Nínú ìwé Auntie Fọlákẹ́, kò lọ síbì kankan.