Ìdáhùn Kẹta tí Mo Gé

Owú ni mo fi gé fídíò bàbá wa, mi ò ní purọ́.

Kí 1990 tó wọlé ni, nígbà tí mò ń ṣiṣẹ́ ní ṣọ́ọ̀bù fídíò kan ní Ògbómọ̀ṣọ́. Bàbá ń gbé lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ní Ọ̀yọ́. Àwa méjèèjì la kọ́ iṣẹ́ awọ lọ́dọ̀ wọn, òun ló dúró tì í, èmi ni mo sá lọ. Láti ìgbà náà, kò sí ọ̀rọ̀ tí Bàbá máa sọ tí wọn ò ní fi orúkọ ẹ̀gbọ́n mi sí i. Ó ń dùn mí wọra.

Ẹ̀gbọ́n mi ló ní kí a ya Bàbá ní fídíò, kí àwọn ọmọ-ọmọ lè rí wọn. Oníkámẹ́rà wa lọ sí Ọ̀yọ́. Èmi ní ọwọ́ mi dí. Ẹ̀gbọ́n mi fúnra rẹ̀ ló ń bi Bàbá ní ìbéèrè. Kásẹ́ẹ̀tì wákàtí méjì ni wọ́n gbé dé.

Ọ̀gá mi ní, "Gé e sí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Yọ gbogbo 'ẹ̀ẹ̀n' àti 'ṣé o gbọ́ mi'. Èyí tí wọ́n bá sọ ju ẹ̀ẹ̀kan lọ, mú ẹyọ kan."

Mo fi wáyà so ẹ̀rọ fídíò méjì pọ̀. Ọ̀kan ń sọ̀rọ̀, èkejì ń gbà á sílẹ̀. Bí Bàbá bá ti ní "ẹ̀ẹ̀n", màá dá èkejì dúró; bí ọ̀rọ̀ gidi bá bẹ̀rẹ̀, màá tú u sílẹ̀. Ibi tí mo bá ti gé, orí Bàbá á ta kìjí bí orí adìyẹ. Bí mo bá sì gbàgbé nǹkan kan sẹ́yìn, àfi kí n tún gbogbo èyí tó tẹ̀lé e gbà.

Ẹ̀gbọ́n mi bi wọ́n pé ta ló jọ wọ́n nínú iṣẹ́. Bàbá dárúkọ rẹ̀. Ọmọdé kan ké, ẹ̀gbọ́n mi tún un bi, wọ́n tún dárúkọ rẹ̀. Nígbà tó di ẹlẹ́ẹ̀kẹta, bí mo ṣe gbọ́ orúkọ yẹn, inú bí mi. Mo ní, "A ti gbọ́!" Mo sáré yí kásẹ́ẹ̀tì kọjá. Àṣẹ ọ̀gá ṣáà ni.

Ọjọ́ Iléyá la wò ó ní Ọ̀yọ́. Gbogbo ilé pàtẹ́wọ́. Bàbá nìkan ló yíjú sí mi.

"Ibi tí mo ti sọ̀rọ̀ rẹ ńkọ́?"

"Nígbà wo, Bàbá?"

Ẹ̀gbọ́n mi ló dáhùn. "Ìgbà kẹta tí mo bi wọ́n. Wọ́n ní èmi ní agbára, àmọ́ ìwọ gan-an lo mọ ibi tó yẹ kí ọ̀bẹ gbà. Èmi tí mo ń jẹun nídìí awọ! Mo jowú rẹ lọ́jọ́ náà, mi ò lè jẹun alẹ́."

Bàbá ní, "Lọ gbé kásẹ́ẹ̀tì gígùn yẹn wá, kí wọ́n gbọ́ ọ."

Lọ́sẹ̀ tó ṣáájú ọjọ́ náà, èmi fúnra mi ni mo gba ìgbéyàwó ẹlòmíì lé e lórí.