Táǹkì Ẹ̀yìn Ilé Àlejò

Bí ẹ bá bi Mátíù Ọlálẹ́yẹ léèrè iṣẹ́ tó ṣe tó dùn mọ́ ọn jù, kò ní fi ilé kankan hàn yín. Yóò mú yín gba orí afárá pákó lọ sí ẹ̀yìn ilé àlejò, yóò sì rọra gbá ìdérí sìmẹ́ǹtì kan bí ẹni ń gbá ọmọ rẹ̀ lẹ́yìn. Táǹkì ìgbọ̀nsẹ̀ ni.

Nígbà tó mọ ọ́n, iṣẹ́ àpapọ̀ ni gbogbo Ayétòrò, ìlú àwọn onígbàgbọ́ létí òkun, ń ṣe, oúnjẹ àpapọ̀ ni wọ́n sì ń jẹ. Mátíù ni bíríkìlà. Ó ti bá àwọn òyìnbó onígẹdú ṣiṣẹ́ ní Sápẹ̀lẹ̀ rí, ibẹ̀ ló sì ti kọ́ bí a ṣe ń ṣe ilé ìgbọ̀nsẹ̀ olómi. Nígbà tí àwọn àgbà ní kí ó ṣe ọ̀kan fún àwọn àlejò, ó gbé àpótí omi kọ́ sókè ògiri, ó so ṣéènì mọ́ ọn, ó sì mọ táǹkì sẹ́yìn ilé. Ohun tó bá wúwo yóò rì sísàlẹ̀ táǹkì, omi yóò gba páìpù jáde lọ sínú kòtò olókùúta tí yanrìn yóò ti fà á mu. Létí òkun níbẹ̀, bí èèyàn bá wa ilẹ̀ dé orókún, omi ni yóò bá. Nítorí náà òkìtì yanrìn ni Mátíù kó jọ kí ó tó gbẹ́ kòtò náà sínú rẹ̀.

Ọdún kan ààbọ̀ ni gbogbo rẹ̀ fi lọ geere. Lẹ́yìn náà, nínú ọyẹ́, nígbà tí òjò ò rọ̀, Rúùtù Ọmọ́yẹlé, ìyá tó ń mójú tó ilé àlejò, ránṣẹ́ pè é.

“Arákùnrin Mátíù,” ló wí, “omi ilé ìwẹ̀ ò lọ mọ́. Ẹni tó bá wẹ̀, inú omi ara rẹ̀ ló ń dúró sí. Ìgbọ̀nsẹ̀ yín náà sì ń sọ̀rọ̀.”

“Kí ló ń sọ?”

“Bùlù-bùlù.”

Mátíù lọ sẹ́yìn ilé. Ilẹ̀ ẹ̀gbẹ́ òkìtì náà ti rin gbingbin, koríko ibẹ̀ tutù yọ̀yọ̀, pẹ́pẹ́yẹ mẹ́ta sì ti fi í ṣe ilé ìwẹ̀. Ó ṣí táǹkì. Omi kì í tán nínú táǹkì bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ojú páìpù àbájáde ló yẹ kó mọ. Eléyìí ti bo páìpù náà mọ́lẹ̀, ó ku díẹ̀ kó kan ìdérí. Ọkùnrin mẹ́rin fi korobá gbọ́n ọn láàárọ̀ ọjọ́ kan, wọ́n lọ rì í mọ́ yanrìn níbi tó jìnnà sódò. Kò pé ọ̀sẹ̀ kan, ó tún kún.

Mátíù jókòó, ó ronú. Ohun tó bá wọlé ló ń kún inú ilé. Ta ló wà nílé àlejò? Ọ̀gbẹ́ni Olówòkéré ni, ẹni tí wọ́n rán wá yẹ ilé ẹ̀kọ́ wò. Ọkùnrin náà sanra, ó sì lè jẹ púpùrú tí yóò tó èèyàn mẹ́ta. Mátíù fẹ̀yìn ti igi àgbọn níwájú ilé náà ní ọ̀sán ọjọ́ kan, ó ń ka iye ìgbà tí àlejò náà wọ ilé ìgbọ̀nsẹ̀. Ìgbà méje ni. Ọkùnrin kan ṣoṣo, ọ̀sán kan ṣoṣo.

Ó gba ilé ìdáná àpapọ̀ lọ.

“Ẹ dín oúnjẹ àlejò yẹn kù,” ló wí fún àwọn obìnrin tó ń dáná.

“Kí ló ṣe?” ni wọ́n bi í.

“Kò ṣe nǹkan kan. Táǹkì mi ni kò lè gbé e.”

Òkèlè púpùrú bẹ̀rẹ̀ sí í kéré. Ẹja inú ọbẹ̀ di orí ẹja. Ní ọjọ́ kẹta, Ọ̀gbẹ́ni Olówòkéré ní òun ti yẹ ilé ẹ̀kọ́ náà wò tán, ó wọ ọkọ̀ ojú omi, ó gba Òde Mahin lọ, ọjọ́ mẹ́rin ṣáájú ìgbà tó yẹ kó lọ. Mátíù juwọ́ sí i ní èbúté tayọ̀tayọ̀. Wọ́n tún gbọ́n táǹkì. Ilé àlejò ṣófo. Ó ti ilẹ̀kùn ilé ìgbọ̀nsẹ̀ pa, ó fi kọ́kọ́rọ́ sọ́rùn bí ẹni tó gba oyè.

Lọ́jọ́ kẹfà, táǹkì kún.

Omi tó wà lójú rẹ̀ mọ́ tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi rí ojú ara rẹ̀ nínú rẹ̀, ojú náà kò sì dùn. Ibi tó dúró sí tí ó ń wò ó ni Kọ́lájọ bá a. Kọ́lájọ ló ń tan ẹ́ńjìnnì tó ń fa omi sínú táǹkì orí igi, èyí tó ń fún ilé àlejò lómi.

“Ìwọ ló sàn fún,” ni Kọ́lájọ wí. “Tìrẹ ń kún. Tèmi ń tán. Ẹ̀ẹ̀mejì lọ́sẹ̀ ni mo máa ń fa omi tẹ́lẹ̀, ojoojúmọ́ ni báyìí, bẹ́ẹ̀ kò sí ẹnikẹ́ni nílé. N kò mọ ẹni tó ń mu ún.”

“Ó jọ pé pẹ́pẹ́yẹ ni,” ni Mátíù wí, ó sì ń sọ ọ́ tọkàntọkàn.

Rúùtù ń sá aṣọ nítòsí. Ó gbé agbọ̀n aṣọ sílẹ̀.

“Ọ̀kan nínú yín ń wá omi tó sọnù, ìkejì ń sá fún omi tó pọ̀ jù. Ṣé kì í ṣe omi kan náà ni?”

Àwọn méjèèjì wo ara wọn. Rúùtù gba kọ́kọ́rọ́ lọ́rùn Mátíù, ó mú búlúù tó fi ń fọ aṣọ funfun, ó gun àpótí ìjókòó, ó pò ó sínú àpótí omi tó wà lókè ògiri. “Kí ẹnikẹ́ni má fa ṣéènì o,” ló wí. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bẹ̀rẹ̀ síwájú àwo ìgbọ̀nsẹ̀, wọ́n ń wò ó bí ẹni ń wo ọmọ tuntun. Kò pẹ́ tí ìlà búlúù tínrín kan fi yọ́ sílẹ̀ lára àwo náà, ó ń lọ láìdúró, láìpariwo.

Mátíù gòkè lọ yẹ àpótí omi náà wò. Bọ́ọ̀lù kan ń léfòó nínú rẹ̀. Bí omi bá gòkè tó, apá bọ́ọ̀lù náà ló yẹ kó pa ẹnu páìpù dé. Awọ tó ń dí ẹnu páìpù ti jẹ tán. Èyí tó burú jù ni pé ẹnì kan ti tẹ apá bọ́ọ̀lù náà sókè, tí omi fi ń ga kọjá ààlà, tí ó ń yọ́ sínú àwo tọ̀sán tòru. Yanrìn tó ti rin ò rí àyè fà á mu mọ́. Ìdí nìyẹn tó fi ń sun sórí ilẹ̀, tó sì ń dá omi ilé ìwẹ̀ padà.

“Ta ló tẹ̀ ẹ́?” ni Kọ́lájọ bi í.

Mátíù kọjú sí àpótí omi náà. “Èmi ni. Mo fẹ́ kí ó máa hó bí òkun bí àlejò bá fa ṣéènì.”

Ó tẹ apá bọ́ọ̀lù náà padà. Ó gé awọ tuntun láti ara rọ́bà kẹ̀kẹ́ tó ti gbó. Wọ́n gbọ́n táǹkì lẹ́ẹ̀kan sí i, omi ilé ìwẹ̀ sì ń sá lọ wìì. Ó gbà tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kí ilẹ̀ ẹ̀yìn ilé tó gbẹ. Àwọn pẹ́pẹ́yẹ dúró síbẹ̀ títí ọjọ́ ìkẹyìn.

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ orí ẹja ti dé etí àwọn àgbà. Wọ́n ní kí Mátíù gbé ẹja gbígbẹ agbọ̀n kan, kí ó lọ bẹ àlejò tó febi pa. Ó wa ọkọ̀ dé Òde Mahin, ó dọ̀bálẹ̀, ó sọ gbogbo rẹ̀, títí kan ìgbà méje.

Ọ̀gbẹ́ni Olówòkéré wo ẹ̀yìn, ó wo ẹ̀gbẹ́, ó sì rẹ ohùn sílẹ̀.

“Arákùnrin, n kò lo àwo ìgbọ̀nsẹ̀ yín rí lọ́jọ́ kan. Ariwo rẹ̀ bà mí lẹ́rù, inú igbó ni mo ń lọ láàárọ̀. Wọ́n ní ẹ kì í fẹ́ ká mu tábà nílùú yín. Inú ilé ìgbọ̀nsẹ̀ yín ni mo ń sá wọ̀ láti mu páìpù tábà mi.”

Ó gba agbọ̀n ẹja náà. Ó ní tí òun bá tún dé Ayétòrò, ọ̀dọ̀ Rúùtù ni kí wọ́n ti máa gbé oúnjẹ òun wá, kì í ṣe ilé ìdáná àpapọ̀ tí Mátíù lè dé.