Ìràwọ̀ Tó Wà Lẹ́gbẹ̀ẹ́ Èsì Hamdalah

Nọ́ọ̀sì Ganiyat kì í fi ọ̀rọ̀ aláboyún ṣeré ní ilé ìwòsàn wọn n'Ígàndó. Nígbà tí èsì ẹ̀jẹ̀ Hamdalah, ọ̀kan nínú àwọn aláboyún rẹ̀, dé, èròjà tó ń mú ẹ̀jẹ̀ dì kéré gan-an, ìràwọ̀ kan sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ láìsí àlàyé. Inú bí i. Ta ní ń fi ìràwọ̀ dẹ́rù ba èèyàn? Síbẹ̀, ó fi sùúrù tẹ àtẹ̀jíṣẹ́ sí láàbù tí wọ́n ti yẹ ẹ̀jẹ̀ náà wò: "Ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ jọ̀ọ́, kí ni ìtumọ̀ ìràwọ̀ yìí? Ṣé ká tún ẹ̀jẹ̀ gbà ni?"

Ìdáhùn wọlé: "Ẹ máà bínú, mà. Ẹ̀jẹ̀ náà ti dì díẹ̀ nínú ìgò, iye yẹn ò ṣeé fọkàn tán. Ẹ tún un gbà, kí ẹ sì rọra yí ìgò náà sókè-sílẹ̀ nígbà mẹ́jọ lójú ẹsẹ̀."

Ganiyat rántí. Abẹ́rẹ́ ń ba Hamdalah lẹ́rù. Ọwọ́ rẹ̀ lòun ń dì mú lọ́jọ́ náà tóun fi gbàgbé ìgò.

Lọ́jọ́ kejì, ó gba ẹ̀jẹ̀ tuntun. Ọwọ́ òsì rẹ̀ wà lọ́wọ́ Hamdalah, ọwọ́ ọ̀tún ń yí ìgò. Àwọn méjèèjì jọ kà á dé ẹ̀ẹ̀mẹjọ.