Òjìji Lórí Àpáta Màmá Mi

Ara mi ò balẹ̀ rárá lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn. Mo gbé kọ̀ǹpútà sórí tábìlì ní pálọ̀ àwọn òbí mi ní Ìkẹ̀rẹ́, mò ń retí rẹ́ńdà àkọ́kọ́ ilé tí mo yà fún wọn, ìyẹn àwòrán tí ẹ̀rọ máa fi ìmọ́lẹ̀ àti òjìji kùn títí táá fi dà bíi fọ́tò. Ó kọ́kọ́ rí wúruwùru bí ìgbà tí èèyàn da iyanrìn sójú gíláàsì, ó wá ń mọ́ díẹ̀díẹ̀. Mo jókòó, mo dìde, mo tún jókòó. Bí iná bá lọ ńkọ́?

"Ìwọ ọmọ yìí, fìdí mọ́lẹ̀ jàre!" màmá mi ní.

Bàbá mi tẹjú mọ́ kọ̀ǹpútà. Láti kékeré mi ló ti ń sọ pé òun máa kọ́ pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, kí òun máa jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ òkè, kí òun máa wo òkè Olósùnta.

Àwòrán yọ. Háà! Ó rẹwà débi pé mo pariwo.

"Ulé rèé!" Bàbá mi bú sẹ́rìn-ín.

Màmá mi fìka kan ẹ̀yìnkùlé. "Àpáta mi rèé. Oòrùn ń pa á dáadáa. Ṣé báyìí náà ló máa rí nígbà ọyẹ́?"

Orí àpáta pẹlẹbẹ yẹn ló ti ń sá láfún nígbà ọyẹ́ lọ́dọọdún, látìgbà tó ti ń ṣe tíṣà títí tó fi fẹ̀yìn tì.

Ìgbà yẹn ni mo rí àṣìṣe mi. Mo ti sọ ìlú wa fún ẹ̀rọ náà, àmọ́ mi ò fọwọ́ kan oṣù. Oṣù Kẹfà ló fi sí, nígbà tí oòrùn ọ̀sán máa ń tẹ̀ díẹ̀ sí àríwá, níbi tí àpáta wà. Nígbà ọyẹ́, apá gúúsù loòrùn ń gbà kọjá. Mo yí i sí oṣù Kejìlá, a tún dúró.

Òjìji pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ti bo ibi tó ń sá láfún sí. Mo fa ilé síwájú, ó wọnú àlàfo tí ìjọba ní ká fi sílẹ̀ lẹ́bàá títì. Mo ní kí òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì wà níwájú nìkan, àtẹ̀gùn ò ríbi gbà. Inú bí mi gan-an, bíi kí n pa kọ̀ǹpútà náà dé.

"Fi í sílẹ̀," màmá mi ní. "Ṣebí wọ́n ń ta láfún lọ́jà." Ohùn rẹ̀ ti lọ sílẹ̀.

"Yọ òkè ilé yẹn," bàbá mi ní.

"Dádì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin tí ẹ ti ń..."

"Mo ní kí o yọ ọ́."

Mo yọ ọ́. Nígbà tí àwòrán tuntun mọ́ tán, òjìji ò kúrò lẹ́bàá ògiri, oòrùn sì kún orí àpáta. Bàbá mi wò ó títí.

"Ṣé o lè bá mi gbé àga kan síbẹ̀?"

"Síbo, Dádì?"

"Orí àpáta yẹn. Olósùnta á hàn níbẹ̀."

Mo gbé àga síbẹ̀, mo yí i kó kọjú sí òkè náà. Omijé ti ń dí mi lójú.

Màmá mi tẹ̀ síwájú, ó wò ó fínnífínní. "Sún un díẹ̀," ó ní. "Kí bàbá rẹ má lọ jókòó lé láfún mi."